“Ṣùgbọ́n” Tí Mi Ò Kọ Sílẹ̀

Níbi ìpàdé kan ní Abúlé Ẹ̀gbá, àlejò láti Kúbà fi èdè Sípéènì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ó tó dánu dúró fún èmi ògbufọ̀. Ó ní àwọn yóò fi owó kọ́ gbọ̀ngàn ránṣẹ́, “pérò” ìwé ilẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde. “Owó” àti “ìwé” nìkan ni mo kọ. Mo túmọ̀ wọn bí ìlérí méjì. Àtẹ́wọ́ sọ, àlejò sì fajú ro. Mo tọrọ àforíjì, mo bi í léèrè, mo sì tún un ṣe.

Láti ìgbà náà ni mo ti di ìlànà Jean-François Rozan, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1956, mú. Èrò là ń kọ, kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ àsopọ̀ ló ń ṣáájú, ní apá òsì:

ṢB

Lẹ́yìn rẹ̀, mo kọ èyí sísàlẹ̀, ní ìdàgẹ̀rẹ̀ sápá ọ̀tún:

ìwé ilẹ̀ → owó

Ọfà fi hàn pé ìwé ló ṣáájú. Bí èrò bá parí, mo fa ìlà gbọọrọ, kí ojú má baà ṣì í mọ́ èyí tó tẹ̀lé e.