Ọlọ fúláwà tí wọ́n tà ní dọ́là kan: bí máníjà ètò ìnáwó ṣe ń mọ̀ pé owó ìrà ti kọjá èrè ìpapọ̀

Lábẹ́ afárá Póòsì-Ọ́fíìsì ní Ìlọrin, àwọn tó ń kiri búrẹ́dì a máa sáré tẹ̀lé kórópe kó tó ṣí, wọ́n á na ọ̀rá búrẹ́dì sí èrò lójú fèrèsé. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2015, ẹni tó bá ní igba náírà lápò níbẹ̀ ní owó tó tó dọ́là kan ní iye tí ìjọba ń ṣẹ́ ẹ. Dọ́là kan yẹn náà ni iye tí wọ́n kọ sínú àdéhùn lórí èyí tó pọ̀ jù nínú ìpín ìdókòwò Dangote Flour Mills, ilé iṣẹ́ tó ń lọ àlìkámà ní Àpápá, ní Kánò, ní Kàlàbá, àti ní Ìlọrin yìí kan náà.

Tiger Brands, ilé iṣẹ́ oúnjẹ láti Gúúsù Áfíríkà, ló tà á. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà, ní 2012, nǹkan bí 180 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n san láti gba ìpín tó lé ní ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí wọ́n tún wá tà á padà fún ni Dangote Industries, tó tà á fún wọn tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni pé dọ́là kan yẹn kì í ṣe ẹ̀bùn: gbèsè wà lọ́rùn ilé iṣẹ́ náà. Síbẹ̀, owó ńlá tí wọ́n san lọ́jọ́ kìíní kò padà wálé.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí ló ń mú kí máníjà ètò ìnáwó jókòó kọ mẹ́mò sí ìgbìmọ̀ olùdarí pé, "Ẹ má ra ilé iṣẹ́ yìí ní iye tí wọ́n pè é." Mẹ́mò bẹ́ẹ̀ kì í gbajúmọ̀. Ọ̀gá àgbà ti fẹ́ràn òwò náà, àwọn agbani-nímọ̀ràn tí ilé ìfowópamọ́ rán wá kò ní gba owó iṣẹ́ wọn pé àyàfi bí ọjà bá wọlé, gbogbo ènìyàn ló sì ń sọ pé bí àwọn méjèèjì bá parapọ̀, èrè á pọ̀ sí i. Èrè ìpapọ̀ yìí ni gbogbo àríyànjiyàn dá lé lórí, nítorí òun nìkan ló lè dá owó tó lé lórí iye ọjà láre.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan wò. Àpẹẹrẹ lásán ni, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kankan. Ká ní ọlọ kan wà, bó ṣe dá dúró lónìí, bó ṣe ń pa owó wọlé láìsí ẹni tó rà á, ó tó 20 bílíọ̀nù náírà. Ẹni tó ni ín lóun kò ní tà á bí kò ṣe 28 bílíọ̀nù. Ìyàtọ̀ 8 bílíọ̀nù yẹn ni àlékún. Ẹni tó bá ń rà ti san án lójú ẹsẹ̀, kò sì lè rí i gbà padà níbòmíì àfi nínú ohun tí ìparapọ̀ bá mú wá tí kò sí nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àwọn agbani-nímọ̀ràn ti ṣe ìṣirò tiwọn. Wọ́n ní èrè ìpapọ̀ yóò máa jẹ́ 2 bílíọ̀nù lọ́dọọdún. Bí olówó bá ń retí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó rẹ̀ lọ́dún, nítorí bí nǹkan ṣe rí ní Nàìjíríà, ẹ pín 2 bílíọ̀nù sí 0.25, ẹ ó rí 8 bílíọ̀nù gẹ́lẹ́. Wọ́n ní ẹ rí i pé ó bára mu. Kí máníjà tó fọwọ́ kan ìkankan nínú iye yìí rárá, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kó kọ́kọ́ kọ sílẹ̀: bí gbogbo ìlérí yẹn bá tilẹ̀ ṣẹ láìyẹ̀, ẹni tó tà ti gba gbogbo rẹ̀ lọ. Wàhálà ìparapọ̀ àti ewu rẹ̀ nìkan ló kù fún ẹni tó rà.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá tú 2 bílíọ̀nù náà palẹ̀. 600 mílíọ̀nù jẹ́ ti àlìkámà tí wọ́n á jọ máa rà, kí ẹni tó ń tà fún wọn lè dín owó kù nítorí ọjà ti pọ̀. 500 mílíọ̀nù jẹ́ ti ọ́fíìsì àgbà kan tí wọ́n á tì àti ọkọ̀ tí kò ní máa rin ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì mọ́. Ìwọ̀nyí ṣeé kà, ó lè béèrè orúkọ ọ́fíìsì àti iye ọkọ̀. 900 mílíọ̀nù tó kù ni wọ́n pè ní ọjà tuntun: àwọn oníbúrẹ́dì tó ń rà lọ́wọ́ ọ̀kan yóò tún máa rà lọ́wọ́ èkejì. Ibí ni ẹsẹ̀ ti yọ̀. Owó ọjà ni 900 mílíọ̀nù, kì í ṣe èrè. Ẹni tó bá ta fúláwà yóò kọ́kọ́ sanwó àlìkámà, iná, àpò àti ọkọ̀. Bí náírà mẹ́wàá bá ṣẹ́kù nínú ọgọ́rùn-ún, 90 mílíọ̀nù ni èrè tó wà níbẹ̀. Àpapọ̀ ti di 1.19 bílíọ̀nù. Ìjọba yóò gba owó orí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ku 833 mílíọ̀nù.

Àkókò náà tún ń jẹ nínú rẹ̀. Kò sí ìparapọ̀ tó ń so èso ní ọjọ́ kìíní. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta bá wọlé lọ́dún àkọ́kọ́, ìdá méjì lọ́dún kejì, tí gbogbo rẹ̀ wá pé láti ọdún kẹta lọ, iye wọn lónìí ní ìdá 25 kò ju 2.7 bílíọ̀nù lọ. Owó ìparapọ̀ fúnra rẹ̀ tún wà nílẹ̀, èyí tí àwọn agbani-nímọ̀ràn kì í sábà fẹ́ dárúkọ: owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ tó ń lọ, kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní láti so pọ̀, owó lọ́yà. Ká pè é ní 1.5 bílíọ̀nù. Èrè ìpapọ̀ ti di 1.2 bílíọ̀nù. 8 bílíọ̀nù ni wọ́n fẹ́ kí ìgbìmọ̀ san lé e.

Nítorí náà, mẹ́mò tó dáa kì í kàn sọ pé "rárá". Ó máa ń fi iye kan sílẹ̀: 21.2 bílíọ̀nù ni òkè téńté, níbi tí ẹni tó rà kò jèrè tí kò sì pàdánù. Ẹni tó bá fẹ́ kí nǹkan kù fún òun kò gbọ́dọ̀ kọjá bí 20.6, kí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà pín èrè náà sí méjì. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, kí ìgbìmọ̀ dìde. Ó yẹ kí iye yìí wà ní àkọsílẹ̀ kí ìdúnàádúrà tó bẹ̀rẹ̀, nítorí àmì kan wà tí àwọn tó pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ dáadáa: bí owó ìrà bá ṣe ń ga sí i láti ìpàdé dé ìpàdé, èrè ìpapọ̀ inú ìwé náà á máa ga tẹ̀lé e, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàwárí ọkọ̀ tàbí ọ́fíìsì tuntun kan. Ìgbà tí ẹ bá rí ìyẹn, wọ́n ti ń fi ìdáhùn wá ìbéèrè.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀dọ̀ Tiger Brands. Kì í ṣe àlejò ní Nàìjíríà. Ní 2011, wọ́n ti ra Deli Foods tó ń ṣe bisikíìtì, wọ́n sì ti gba ìdá 49 nínú UAC Foods. Ẹni tó ń ṣe bisikíìtì ń lo fúláwà, nítorí náà ìtàn èrè ìpapọ̀ rọrùn láti sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ilé bisikíìtì kan lè lò kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ọlọ mẹ́rin lè lọ̀. Ní tèmi, kì í ṣe èrè ìpapọ̀ nìkan ni wọ́n ṣì kà, bí ọlọ náà ṣe dá dúró gan-an ni kò rí bí wọ́n ṣe rò. Agbára ìlọ̀ tó wà ní Nàìjíríà nígbà náà ti ju ohun tí ọjà ń rà lọ. Flour Mills of Nigeria, Honeywell, BUA àti àwọn mìíràn ń du oníbúrẹ́dì kan náà, kò sì sí ẹni tó lè gbé owó àpò fúláwà sókè kí àwọn yòókù má gba oníbàárà rẹ̀. Ní Oṣù Keje 2012, ní oṣù díẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ Tiger Brands, ìjọba àpapọ̀ tún fi àfikún owó ibodè ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lé àlìkámà tó ń wọlé, kí àwọn ènìyàn lè yíjú sí fúláwà ẹ̀gẹ́. Ohun tó ń mú ọjà wọ́n ti wọlé, ìjà oníbàárà kò sì jẹ́ kí wọ́n lè gbé e lé àwọn tó ń rà lórí.

Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé èrè ìpapọ̀ kò lè gba ìpìlẹ̀ tó ti ń wó là. Bí 20 bílíọ̀nù inú àpẹẹrẹ wa bá jẹ́ 12 lóòótọ́, ọkọ̀ tí wọ́n dínkù kò ní bo ihò náà. Kò pẹ́ tí Tiger Brands fi bẹ̀rẹ̀ sí gé iye ọlọ náà kúrò nínú ìwé ìṣirò wọn, tí wọ́n tún ń kó owó sí i kó má bàa kú, títí wọ́n fi sọ ní ìparí 2015 pé àwọn ò ṣe mọ́.

Àmọ́ mẹ́mò "ẹ má rà á" lè ṣìnà o. Ní Oṣù Kọkànlá 2000, ìgbìmọ̀ olùdarí Coca-Cola, tí Warren Buffett wà lára wọn, kọ̀ láti ra Quaker Oats ní iye tó lé ní 15 bílíọ̀nù dọ́là nítorí pé ìpín Coca-Cola tí wọ́n máa fi san án ti pọ̀ jù. Oṣù tó tẹ̀ lé e, PepsiCo gbà láti rà á ní nǹkan bí 13 bílíọ̀nù, wọ́n sì gba Gatorade, ohun mímu àwọn eléré ìdárayá, mọ́ ọn. Gatorade ṣe dáadáa fún Pepsi. Síbẹ̀, ẹ wo iye méjèèjì: ohun tí Pepsi san kéré sí ohun tí wọ́n ní kí Coca-Cola san.

Iye èrè ìpapọ̀ sì máa ń yàtọ̀ láti ọwọ́ ẹni tó ń rà kan sí èkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ ọlọ kan náà ni. Ní Oṣù Kẹrin 2019, Olam kéde pé òun yóò ra Dangote Flour Mills. Láti 2010 ni Olam ti ni Crown Flour Mill ní Nàìjíríà, nítorí náà ohun tó lè parapọ̀ níbẹ̀ hàn kedere: ọjà àlìkámà kan náà, èbúté kan náà, oníbúrẹ́dì kan náà láti Àpápá títí dé Ìlọrin. Irú èyí tí Tiger Brands kò ní. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ kéde fún gbogbo ilé iṣẹ́ náà pẹ̀lú gbèsè rẹ̀ jẹ́ 130 bílíọ̀nù náírà. Nígbà tí wọ́n fi máa parí ọjà náà ní Oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ó ti di 120.