Mìímù Tó Ń Gún Ni àti Èyí Tó Ń Tu Ni Lára

Ní ọdún 2007, ìyá kan ní Flórídà, ní Amẹ́ríkà, ya fótò ọmọkùnrin rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún kan ní etí òkun. Ọmọ náà di iyanrìn mọ́wọ́, ó fún ẹnu pọ̀, ojú rẹ̀ le koko. Ìyá gbé e sórí Íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn tí kò mọ̀ wọ́n rí sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ sí i. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n sọ ọmọ náà di oníjàgídíjàgan: wọ́n ní ó kórìíra ilé tí àwọn ọmọdé ń fi iyanrìn kọ́. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Wọ́n á kọ ìṣòro kékeré sókè fótò, wọ́n á kọ oríire sí ìsàlẹ̀: mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ọ̀gá pẹ́ jù mí lọ. Ẹ̀ṣẹ́ tó jọ ti oníjà tẹ́lẹ̀ wá di ẹ̀ṣẹ́ ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn.

Irú àwòrán báyìí, tí oníkálukú ń pa ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dà tí wọ́n sì ń pín in kiri, là ń pè ní mìímù. Kì í ṣe ojú àwòrán ló ń sọ èyí tó ń gún ni àti èyí tó ń tu ni lára. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dojú kọ ni kí ẹ wò.

Ẹ jẹ́ ká mú Kermit, ọmọlangidi ọ̀pọ̀lọ́ aláwọ̀ ewé tí Jim Henson ṣe. Láti ọdún 2014 ni àwòrán kan ti gbòde, níbi tí ọ̀pọ̀lọ́ yìí ti rọra ń mu tíì. Wọ́n á kọ àléébù ẹnì kan sí i: "Gbogbo òde ẹbí lò ń ra aṣọ fún, owó iléèwé ọmọ rẹ ṣì wà nílẹ̀." Lẹ́yìn náà ni yóò wá ní: "Àmọ́ kò kàn mí o." Ẹ̀dà ọ̀rọ̀ ni, torí ó kàn án gidi. Bí ó ṣe jókòó pẹ̀sẹ̀ yẹn ló ń mú ọ̀rọ̀ náà ta. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí náà bí ẹni tí ó bá wí bá bínú, yóò ní, "Ta ni mo bá wí?" Bí àwọn orogún ṣe ń fi orin bá ara wọn wí láyé àtijọ́ gẹ́ẹ́ nìyẹn: ẹni tí wọ́n ń kọrin bá mọ ara rẹ̀, gbogbo agboolé náà sì mọ̀ ọ́n.

Ọ̀pọ̀lọ́ yìí kan náà tún wà nínú mìímù mìíràn, níbi tí ọkàn pupa kéékèèké yí i ká. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sí i kò ju "Mo rí i pé ò ń gbìyànjú, mo ń rò ọ́" lọ. Ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ náà ló wà nínú rẹ̀. Mìímù àkọ́kọ́ ní ẹni tó ń bá wí, ó sì nílò èrò ìwòran tí yóò rẹ́rìn-ín. Èkejì kò nílò èrò kankan. Ẹni tí yóò gbà á nìkan ló nílò.

Ìdí nìyẹn tí èsì wọn fi yàtọ̀. Bí ẹnì kan bá gbé ti tíì sórí Wásáàpù, àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn kan á gbè sẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá á dákẹ́ tàbí kí ó gbé tirẹ̀ náà jáde. Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é sí àwọn aláṣẹ tó ń ná owó ìlú ní ìnákúnàá. Ibẹ̀ gan-an ló wúlò jù. Ti ọkàn pupa ní tirẹ̀ máa ń gba "O ṣé, ó dé bá mi lásìkò." Ó tún lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2015, kíndìnrín bàbá ọmọ etí òkun yẹn ti bàjẹ́, ìdílé rẹ̀ sì ń wá dọ́là 75,000 lórí GoFundMe. Àwọn tí fótò ọmọ náà ti ń dá lára yá láti ọdún yìí wá ni wọ́n dá a, owó náà kọjá iye tí wọ́n bèèrè, bàbá sì gba kíndìnrín tuntun lọ́dún náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ ni ibi tí mìímù dídùn ti ń ṣe iṣẹ́ ti kíkorò. Ká ní àbúrò kan kò wá síbi ọjọ́ ìbí ìyá wọn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ọ̀pọ̀lọ́ ọlọ́kàn pupa sójú ẹgbẹ́ Wásáàpù ẹbí: "Mo mọ rírì gbogbo ẹni tó fẹ́ràn ìyá wọn." Kò sí ọ̀rọ̀ burúkú kan níbẹ̀, àmọ́ àbúrò á sunkún. Ohun méjì ló tú àṣírí rẹ̀: ọjọ́ tó jáde, àti ojú gbogbo ẹbí tí wọ́n gbé e sí.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ ìfẹ́ fún ẹnì kan, ẹ fi mìímù náà ránṣẹ́ sí òun nìkan. Bí ẹ bá sì ní ẹjọ́ pẹ̀lú àbúrò yín, ẹ pè é lórí fóònù.