Ímeèlì Àkọ́kọ́ sí Alágbàtà Gàrí ní Lọ́ńdọ̀nù

Alágbàtà tí kò mọ̀ yín rí kò ní ráyè ka ìtàn ilé iṣẹ́ yín. Bí ẹ bá ń ṣe gàrí ní Ìjẹ̀bú, ẹ fi ọjà náà ṣe àkọlé ímeèlì: “Gàrí Ìjẹ̀bú, ọ̀rá kílò kan, 20 nínú páálì kan.” Lẹ́yìn ìkíni, ẹ sọ iye páálì tí ẹ lè kó jáde lóṣù àti nọ́ńbà NAFDAC yín.

Bí ẹ bá dárúkọ owó, ẹ sọ bóyá ó parí sí èbúté Àpápá tàbí ó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àìsọ èyí ló ń dá ìjà sílẹ̀.

Òfin Bìrìtìkó ní kí àdírẹ́sì ẹni tó kó oúnjẹ wọlé wà lára ọ̀rá. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ ó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi parí rẹ̀: ṣé kí ẹ fi díẹ̀ ránṣẹ́ kó tọ́ ọ wò?