Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Èló Ni Ṣòkòtò Iṣẹ́ Ń Ná Wa Gan-an?

Ká ní bíríkìlà kan fẹ́ ra ṣòkòtò iṣẹ́. Èyí tó fẹ́lẹ́ jẹ́ ₦5,000, jíìnsì tó nípọn jẹ́ ₦14,000. Bí ti ₦5,000 bá ya lẹ́yìn ìgbà 25 tó wọ̀ ọ́, ₦200 ni wíwọ̀ kọ̀ọ̀kan ná an. Bí jíìnsì bá gba ìgbà 140, ₦100 péré ni. Kí jíìnsì náà tó gbó, ẹni tó ń ra èyí tó fẹ́lẹ́ yóò ti ra mẹ́fà, ₦30,000 sì nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n nìkan kò sọ pé aṣọ yóò tọ́jọ́. Ẹ gbé e sójú oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ gedegbe, ó ti fẹ́lẹ́ jù. Ẹ fa ojú rírán àárín itan, nítorí ibẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ ya bí a bá ń lóṣòó: ó yẹ kí wọ́n rán an ní ìlà méjì, kí òwú má sì là.

Ẹnìkan lè ní ₦6,000 nìkan ni òun ní. Òótọ́ ni, ìṣòro gidi sì ni. Jíìnsì òkirika tó ṣì nípọn lórúnkún dára fún un ju tuntun tó fẹ́lẹ́ lọ. Ti ẹni tó ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe yàtọ̀: ásíìdì lè ba aṣọ olówó ńlá jẹ́ kó tó gbó rárá, nítorí náà, èyí tó pọ́ọ́kú ló yẹ ẹ́, kó sì fi épírọ́ọ̀nù rọ́bà bò ó.