Bátìrì Ìnfátà Tó Ń Tètè Tán: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Yẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Ra Òmíràn

Ìwé ìlàlóye yìí wà fún ẹni tó ń lo bátìrì olómi pẹ̀lú ìnfátà nínú ilé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn bátìrì tó ní ìdérí mẹ́fà lórí tí wọ́n máa ń bu omi sí. Bátìrì tí wọ́n lẹ̀ pa àti bátìrì lítíọ́ọ̀mù kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má sì ṣí wọn rárá.

Bí iná tó ń bá yín dé ìdájí tẹ́lẹ̀ bá wá ń kú lẹ́yìn wákàtí méjì, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fúnni ni pé bátìrì ti kú, kí á lọ ra tuntun. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé nọ́ọ̀tì kan ló tú. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹsẹẹsẹ, kí ohun tí kò náni lówó ṣáájú ohun tó ń náni lówó.

1. Ṣé lóòótọ́ ló ń tètè tán?

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò ohun tó yẹ kí bátìrì yín lè gbé. Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan tó ní bátìrì méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 12 àti ámpìà 220. Bí ẹ bá sọ 12 di ìlọ́po 220, tí ẹ tún sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ẹ ó rí 5,280. Wáàtì tí bátìrì méjèèjì lè gbé fún wákàtí kan nìyẹn. Kò dára kí á máa lo bátìrì olómi kọjá ìdajì, nítorí náà ẹ pín in sí méjì: 2,640. Ìnfátà fúnra rẹ̀ náà ń jẹ díẹ̀ níbẹ̀, èyí tó kù fún yín kò ju bíi 2,200 lọ.

Ẹ wá ka ohun tí ẹ ń tàn. Fáànù méjì tó ń jẹ wáàtì 70 lọ́kọ̀ọ̀kan, tẹlifíṣọ̀n 80, dìkódà 20, àti gílóòbù márùn-ún tó ń jẹ wáàtì 10 lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 290. Bí ẹ bá fi 290 pín 2,200, wákàtí méje àti díẹ̀ ló yẹ kí iná yín lò. Bí ó bá jẹ́ pé láìpẹ́ yìí ni wọ́n gbé fíríìjì tàbí ẹ̀rọ ìfami mọ́ ọn, bátìrì kò jẹ̀bi. Ẹrù ló pọ̀ jù.

Ẹ tún wo bí ẹ ṣe ń ṣáàjì rẹ̀. Bátìrì ámpìà 220 tó ti lọ sí ìdajì, tí ìnfátà sì ń fún ní ámpìà 20, kò lè kún kí wákàtí méje tó pé. Bí iná ìjọba bá ń wá fún wákàtí mẹ́ta péré, tí kò sì sí sólà, bátìrì náà kò kún rí, bó ti wù kó jẹ́ tuntun tó.

2. Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Bátìrì olómi máa ń tú gáàsì tó lè gbaná jáde, pàápàá bí ó bá ń ṣáàjì. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀. Ẹ má ṣáná, ẹ má mu sìgá, ẹ má sì gbé àbẹ́là débẹ̀. Ẹ pa ìnfátà, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná ìjọba, ẹ sì pa ti sólà náà. Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹ sì fi gíláàsì bo ojú. Ẹ fi téèpù wé sípánà yín títí kù díẹ̀ lẹ́nu, nítorí pé sípánà tó bá kan orí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà yóò tanná, iná náà sì lè mú kí bátìrì bú gbàù.

Bí ásíìdì bá ta sí yín lára tàbí lójú, ẹ fi omi tó mọ́ púpọ̀ ṣàn án lójú ẹsẹ̀, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bó bá jẹ́ ojú, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lẹ́yìn náà, kódà bí kò bá dùn yín mọ́.

3. Orí bátìrì àti kéébù

Bí kéébù kò bá di orí bátìrì mú dáadáa, iná kò ní rọ́nà kọjá geere. Ìnfátà yóò máa rò pé bátìrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, yóò sì pa ara rẹ̀ nígbà tí agbára ṣì kù nínú rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ẹ lè gbà mọ̀.

Èkíní, lẹ́yìn tí iná bá ti tàn fún bíi ìdajì wákàtí, ẹ pa á, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ orí bátìrì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ ló ní àléébù. Ẹ wo kéébù kékeré tó so bátìrì kan mọ́ èkejì náà, ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé.

Èkejì, bí ẹ bá ní mítà, kí iná wà lórí ìnfátà. Ẹ wọn fóòtì lórí bátìrì, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n níbi tí kéébù náà ti wọ inú ìnfátà. Bí ìyàtọ̀ bá kọjá ìdajì fóòtì, kéébù tàbí ìdè rẹ̀ ló ń jẹ iná yín.

Bí ẹ bá fẹ́ tú u, orí tó ní àmì − ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, òun náà ni kí ẹ dè kẹ́yìn. Ẹ dè é le, ṣùgbọ́n ẹ má fi tipátipá dè é, nítorí òjé ni orí bátìrì, ó sì rọ̀.

4. Ìdọ̀tí funfun tàbí aláwọ̀ ewé lórí rẹ̀

Èéfín ásíìdì tó ń jáde ló máa ń di ìyẹ̀fun yìí lára nọ́ọ̀tì àti kéébù. Kì í jẹ́ kí iná kọjá, ó sì máa ń jẹ irin díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ lásán nù ún, ẹ má sì fẹ́ ẹ lẹ́nu.

Ẹ po ṣíbí ìmùkọ kan sódà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì mọ́ ife omi kan. Ẹ rí i pé gbogbo ìdérí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà ní pípa, nítorí bí sódà bá wọ inú bátìrì, yóò pa agbára ásíìdì rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó fọ ibẹ̀. Ó máa hó. Bí híhó bá dáwọ́ dúró, ẹ fi omi díẹ̀ nù ún, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Ẹ dè é padà le kí ẹ tó fi fasilíìnì pa á. Bí ẹ bá kọ́kọ́ pa fasilíìnì sáàárín kéébù àti orí bátìrì, ẹ ti fi ohun mìíràn dí ọ̀nà iná nìyẹn.

Bí ìdọ̀tí náà bá padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ pe oníná kó wo bóyá ìnfátà ń ṣáàjì jù, tàbí bóyá ìdí orí bátìrì ti sán.

5. Omi

Ẹ wo ọ̀pá kékeré tó léfòó lórí ìdérí kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Omi gbọ́dọ̀ bo àwọn pléètì mọ́lẹ̀, kó wà láàárín ìlà ìsàlẹ̀ àti ìlà òkè. Apá pléètì tí omi kò bá bò yóò gbẹ, yóò sì kú. Kò ní jí mọ́ bí ẹ bá tilẹ̀ bu omi sí i.

Omi bátìrì nìkan ni kí ẹ bù sí i, èyí tí wọ́n sè tí wọ́n gba ooru rẹ̀ pamọ́. Ẹ má bu omi kànga, omi ẹ̀rọ tàbí píọ̀ wọ́tà sí i, nítorí iyọ̀ inú wọn ń ba pléètì jẹ́. Ẹ má sì bu ásíìdì sí i: omi ló ń gbẹ nínú bátìrì, ásíìdì kì í gbẹ. Bí pléètì bá ti yọrí síta, ẹ bu omi tó máa bò ó nìkan, ẹ ṣáàjì í, kí ẹ tó wá bù ú dé ìlà. Bí ẹ bá bù ú kún kí ẹ tó ṣáàjì, yóò ru, ásíìdì yóò sì ṣàn sílẹ̀.

Ẹ máa yẹ omi wò lóṣooṣù lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn.

6. Sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó

Nínú bátìrì fóòtì 12, sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fúnni ní fóòtì méjì àti díẹ̀. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá rẹ̀, ó máa fa gbogbo yòókù sẹ́yìn. Ẹ padà sínú ilé tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ti de kéébù le, omi pé, orí bátìrì mọ́, síbẹ̀ wákàtí méjì ni iná ń lò.

Wọ́n ṣáàjì bátìrì méjèèjì kún, wọ́n pa gbogbo nǹkan, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n sinmi fún wákàtí mẹ́rin. Bátìrì tó kún tó sì le yẹ kó wà ní bíi fóòtì 12.6. Èkíní fi 12.6 hàn, èkejì 12.4. Ìyàtọ̀ yìí kéré, ẹni tó bá dúró síbẹ̀ lè sọ pé kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n tan fáànù àti tẹlifíṣọ̀n fún ìdajì wákàtí, wọ́n tún wọ̀n wọ́n nígbà tí iná ṣì ń ṣiṣẹ́: èkíní wà ní 12.4, èkejì ti já sí 11.2. Abẹ́ ẹrù ni àìsàn bátìrì ti ń hàn.

Oníná wá fi haidirómítà fa omi inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú bátìrì kejì wò. Márùn-ún fi 1.245 hàn, ọ̀kan fi 1.150 hàn. Bí ìyàtọ̀ bá tó 0.050 láàárín sẹ́ẹ̀lì méjì, sẹ́ẹ̀lì tó kéré ni ẹ fura sí. Ẹ má wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá bu omi sí i. Ẹ ṣáàjì í kún ná, kí omi àti ásíìdì lè pò pọ̀. Ilé yìí tún ṣáàjì bátìrì náà fún gbogbo ọjọ́ kan, wọ́n wọ̀n ọ́n, sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún kò gbéra. Ó ti kú nìyẹn. Ìnfátà sì ń pa ara rẹ̀ nítorí sẹ́ẹ̀lì kan yìí, nígbà tí èyí tó kù nínú bátìrì kìíní ṣì pọ̀.

Ooru àti àìkún ló sábà máa ń sọ sẹ́ẹ̀lì dà báyìí. Bátìrì tí kì í kún máa ń ní èèpá líle lára pléètì, èèpá náà kì í sì jẹ́ kó gba iná mọ́. Bí bátìrì yín bá ti lo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ má náwó sí oògùn tí wọ́n ní ó ń jí bátìrì.

7. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀

Ẹ má so bátìrì tuntun pọ̀ mọ́ èyí tó ti gbó. Èyí tó gbó á tètè tán, tuntun á máa ṣáàjì jù tàbí kó máà kún, kò sì ní pẹ́ tí òun náà á fi bàjẹ́. Bí èkejì bá ti ju ọdún kan lọ, ẹ pààrọ̀ méjèèjì, kí iye ámpìà àti irú wọn sì bára mu.

Òjé àti ásíìdì ló wà nínú bátìrì tó ti kú. Ẹ má fọ́ ọ, ẹ má da omi rẹ̀ sílẹ̀ tàbí sínú gọ́tà, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré, nítorí òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ gbé e ní odindi lọ fún ẹni tó ta tuntun fún yín, kí ó yọ iye rẹ̀ kúrò nínú owó tí ẹ máa san. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ra tuntun sára rẹ̀, kí ẹ sì wọn fóòtì rẹ̀ lábẹ́ ẹrù lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta.