Nígbà Tí Wọn Ò Rí Kòkòrò Nínú Kẹlẹbẹ

Ẹ jẹ́ ká fi bíríkìlà kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ, ẹni ọdún 58. Ikọ́ ti ń bá a fínra láti oṣù méjì, ẹ̀jẹ̀ ń bá kẹlẹbẹ rẹ̀ jáde, ó sì ti rù débi pé okùn ló fi ń so ṣòkòtò mọ́ ìdí. Aládùúgbò wo ni kò ní pè é ní ikọ́ ife? Dókítà pàápàá á kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀, kò sì jẹ̀bi, torí ikọ́ ife pọ̀ nílẹ̀ wa. Fọ́tò àyà tún fi òjìji funfun hàn lókè ẹ̀dọ̀fóró òsì, ibi tí ikọ́ ife sábà máa ń ba sí.

Wọ́n yẹ kẹlẹbẹ rẹ̀ wò, wọn ò rí kòkòrò.

Àyẹ̀wò kì í rí kòkòrò nígbà gbogbo, nítorí náà wọ́n lè fún un ní oògùn oṣù mẹ́fà síbẹ̀. Rifanpísìn tó wà lára oògùn náà máa ń pọ́n ìtọ̀, aláìsàn á sì máa sọ pé oògùn ti ń ṣiṣẹ́. Àwọ̀ ìtọ̀ kò sọ nǹkan kan nípa ikọ́. Ohun tó yẹ ká máa wò ni pé kí oṣù méjì tó pé, kí ibà ti lọ, kí oúnjẹ máa wọlé, kí ara sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wọ̀n. Bíríkìlà wa kò rí ọ̀kankan. Ohùn rẹ̀ ló há.

Ohùn híhá yẹn ló yẹ kó ta dókítà jí. Iṣan tó ń darí ohùn lápá òsì máa ń sọ̀ kalẹ̀ wọ inú àyà, á yípo lábẹ́ òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá, kó tó padà sí ọ̀fun. Kókó jẹjẹrẹ lè tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀.

Wọ́n wá ṣe sítí síkáànù àyà àti òkè ikùn fún un. Wọ́n rí kókó, wọ́n sì rí omi láàárín ẹ̀dọ̀fóró àti ìhà. Àwòrán nìkan kò tó láti pè é ní jẹjẹrẹ. Wọ́n ní láti bù lára kókó náà, kí wọ́n sì fa omi náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ikọ́ ife náà máa ń fa irú omi bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá rí jẹjẹrẹ nínú omi náà, àìsàn ti wọ ìpele kẹrin nìyẹn, ì báà jẹ́ pé kókó fúnra rẹ̀ kéré, iṣẹ́ abẹ kò sì ní lè mú un kúrò. Kókó kékeré tí kò tíì tàn kálẹ̀, ìyẹn ìpele kìíní, ni wọ́n sábà máa ń gé.

Àìsàn méjèèjì tún lè wà lára ẹnì kan náà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ ara rẹ̀ dá oògùn ikọ́ ife dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn ò bá rí kòkòrò nínú kẹlẹbẹ rẹ̀, tí ara rẹ̀ kò sì yá lẹ́yìn oṣù méjì, kó padà sọ́dọ̀ dókítà, kó béèrè fún síkáànù, kó má dúró kí oṣù mẹ́fà pé.