Tì Í, Kà Á, Kí O Tó Fi Í Ránṣẹ́

Fóònù lè pe ẹni tí a kò fẹ́ pè. Ó lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kí a tó kọ ọ́ tán. Kí ló ń fà á?

Ojú fóònù máa ń mọ̀ bí ara ènìyàn bá kàn án, nítorí pé iná mànàmáná lè gba ara wa kọjá díẹ̀díẹ̀. Igi gbígbẹ kò lè tẹ̀ ẹ́. Aṣọ gbígbẹ tó nípọn kò lè tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí òógùn bá mú kí aṣọ fẹ́lẹ́ tutù, itan wa lè tẹ fóònù nínú àpò!

Nítorí náà, a máa ń ti fóònù kí a tó fi í sínú àpò. Tẹ bọ́tìnì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn. A tún lè ṣètò rẹ̀ kí ó máa ti ara rẹ̀ bí a kò bá fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú àáyá 30.

Ṣùgbọ́n títì nìkan kò tó, nítorí pé ọwọ́ wa gan-an lè ṣì í tẹ̀.

Ká ní ìyá àgbà kan ní Ìfànyìn fẹ́ fi 5000 fáránkì ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Kútọnu. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ jókòó tì í.

“Ìyá àgbà, ẹ dúró ná. Ẹ má tíì tẹ nọ́ńbà àṣírí yín. Ẹ jẹ́ kí a kà á.”

Wọ́n ka nọ́ńbà fóònù náà. Láti ọjọ́ 30, oṣù kọkànlá, ọdún 2024, òǹkà 10 ni nọ́ńbà fóònù ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń ní, 01 ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Òǹkà náà pé 10. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá yí padà, nọ́ńbà ẹlòmíràn lè nìyẹn. Nítorí náà, wọ́n ka orúkọ tó jáde. Orúkọ ọmọ ìyá àgbà ni.

Lẹ́yìn náà, wọ́n ka iye owó. 50000! Òdo kan ti lé. Ìyá àgbà fagi lé e, ó sì tún un kọ: 5000. Ọmọ náà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìyá àgbà sì tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀.

Bí owó bá ti lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, kí a tètè pe ilé-iṣẹ́ tó ni í. Bí ẹni náà bá ti gbà á ná, ó ṣòro láti rí i padà.

Ìbéèrè
1. Kí ló lè mú kí fóònù pe ènìyàn láti inú àpò?
2. Òǹkà mélòó ló wà nínú nọ́ńbà fóònù ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀?
3. Àwọn nǹkan mẹ́ta wo ni ìyá àgbà kà kí ó tó fi owó ránṣẹ́?